Ọjọ́ tí olùkọ́ wa yí ìdánwò padà

Àwa mẹ́ta tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Bánigbé ni wá, ní abẹ́ Ìfọ̀nyìn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà ni a ń lọ ní Àjàṣẹ́, ẹ̀kọ́ ìtàn ni a sì ń kọ́. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, a kò sì ní dárúkọ olùkọ́ wa, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ni a wá rò. Ohun tí ojú wa rí nígbà tí olùkọ́ kéde pé ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìdánwò ti yí padà ni a fẹ́ sọ. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè bá ọmọ yín náà lọ́la, ní Àjàṣẹ́ o, ní Kútọ̀nù o, ní Èkó o.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni àgbà nínú wa. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ó ń tún un ṣe. Epo pupa ni ìyá rẹ̀ ń fún, owó epo yẹn náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé, ìyá sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé agbára òun kò ká ẹ̀ẹ̀kẹta. Èkejì wa ọ̀hún ààlà ni ó gbé dàgbà, lẹ́yìn Ìdí-Ìrókò; ó ti ṣe ìdánwò Jáǹbù rí kí ó tó padà wálé. Ẹ̀kẹta, àbúrò wa, ìhín ni ó ti kàwé láti kékeré títí dé bákì, kò sì mọ ìdánwò mìíràn ju kí wọ́n fún un ní bébà kí ó kọ àròkọ kún un.

Tẹ́lẹ̀, bí ìdánwò ẹ̀kọ́ yìí ṣe rí nìyí. Olùkọ́ yóò kọ kókó ọ̀rọ̀ méjì sí ojú pátákó, a ó mú ọ̀kan, a ó fi wákàtí mẹ́ta kọ ọ́. Máàkì rẹ̀ 20. Ẹni tí ó bá gba 10 ti yege. Ẹni tí kò bá gbà á yóò lọ ṣe ràtàràpáàsì, ìyẹn ìdánwò àtúnṣe. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tí ẹ mọ 100, 10 tiwa ni 50 tiyín.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò dé, olùkọ́ dúró ní iwájú kíláàsì ní ìparí ẹ̀kọ́, ó ní òun ní ìkéde kan. Àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn náà lé ní 600. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké, ó ń dákẹ́. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ti ń di àpò wọn. Ó sọ pé kò ní sí àròkọ mọ́ ní ìparí. Ìbéèrè 40 ni yóò wà, ìdáhùn mẹ́rin ni yóò tò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, A, B, C àti D, a ó sì mú ọ̀kan. Ohun tí ẹ̀yin ará ọ̀hún ń pè ní ọbujẹ́tíìfù ni, àwa tí a fi Faransé kàwé ń pè é ní kiséẹ̀mù.

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ bí yóò ṣe fún wa ní máàkì. Ìdáhùn tí ó bá tọ̀nà, àmì 3. Èyí tí kò bá tọ̀nà, wọn yóò yọ àmì 1 kúrò. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ láìdáhùn, kò sí èrè, kò sí àdánù. 40 lọ́nà 3 jẹ́ 120. Yóò fi 6 pín in kí ó lè padà sí 20. Ìdánwò yìí yóò kó ìdá 60 nínú 100 máàkì ẹ̀kọ́ náà. Ìdá 40 tó kù yóò wá láti inú iṣẹ́ kékeré mẹ́rin tí a ti ń kọ nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí òun fúnra rẹ̀ ti fún ní máàkì.

Kí a tó dé ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ìkéde kan ṣoṣo yẹn ti di mẹ́ta. Ẹnìkan ní ẹni tí ó bá ṣi ìbéèrè kan, àmì 3 ni wọ́n máa yọ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ inú kíláàsì kò já mọ́ nǹkan mọ́. Lórí Wáàsáàpù, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ni wọ́n máa yọ máàkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ̀rọ̀ láti Àjàṣẹ́ títí a fi dé Ìfọ̀nyìn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ni ó ní, “Ìbéèrè tí kò bá dá mi lójú bí ọ̀sán, n kò ní fọwọ́ kàn án.” Èkejì wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Gbogbo rẹ̀ ni a máa dáhùn. Bí a ṣe ń ṣe Jáǹbù nìyẹn.”

Òótọ́ ni ó sọ nípa Jáǹbù. Ìdánwò yẹn náà a máa to ìdáhùn mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í yọ máàkì lórí ẹni tí ó bá ṣì í. Ẹni tí ó bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ níbẹ̀ ti sọ àǹfààní nù lásán. Ọ̀tọ̀ ni tiwa. Àṣà tí èkejì wa kó bọ̀ láti ọ̀hún ààlà kò bá òfin ìhín mu, ìbẹ̀rù tí ó mú ẹ̀gbọ́n wa náà kò sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mọ ìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Àbúrò wa ni ó sọ̀rọ̀, nítorí òun ni inú rẹ̀ bàjẹ́ jù; àròkọ ni ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi yí i padà?” A rò pé yóò lé wa jáde. Kò lé wa. Ó fi àga hàn wá, ó ní kí a jókòó.

Ìdí kìíní tí ó sọ ni pé ìwé àròkọ 600 kò ṣeé kà dáadáa. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 12 lórí ìwé kan, wákàtí 120 nìyẹn. Nítorí náà olùkọ́ mẹ́ta ni ó máa ń pín in kà, níbẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ olùkọ́ mẹ́ta kò lè dọ́gba. Ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Faransé, ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ méjì kan, Henri Laugier àti Dagmar Weinberg, kó àwọn ìwé ìdánwò bákì tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ jáde láti ibi ìkówèésí, wọ́n sì fún olùkọ́ márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tún un kà láìrí máàkì ara wọn. Nínú ìwé èdè Faransé, ó tó ìwé tí àlàfo tó wà láàrin máàkì tó kéré jù àti èyí tó ga jù fi ju 10 lọ nínú 20. Ìwé kan náà ni o, ẹni kan náà ni ó kọ ọ́. Ẹnìkan ní kí ó lọ tún un ṣe, ẹlòmíràn ní iṣẹ́ rere ni.

Nígbà tí ó sọ èyí, ẹ̀gbọ́n wa gbé orí sókè. Máàkì 9 ni ó gbà lọ́dún tó kọjá. Kò sọ nǹkan, olùkọ́ náà kò sọ nǹkan, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni ó yé.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀kọ́ 12 ni a kọ́ nínú sáà kan, ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ àròkọ. Ẹni tí ó ka ẹ̀kọ́ méjì péré lè bọ́ sí i, ẹni tí ó ka 10 lè ṣalábàápàdé méjì tí kò kà. Ìbéèrè 40 lè kan ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán.

A bi í pé ṣé kò sí ohun tí yóò sọnù. Ó ní ó wà. Ìbéèrè ẹlẹ́yàn kò lè fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè to ọ̀rọ̀ kí ó sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi sọ ìdánwò di ẹlẹ́yàn pátápátá, tí òun fi gbé ìdá 40 ka iṣẹ́ kíkọ inú kíláàsì, níbi tí òun nìkan ti ń kà á. Àbúrò wa mí kanlẹ̀.

Ìgbà náà ni èkejì wa wá béèrè ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kí ni wọ́n ń yọ 1 fún? Olùkọ́ ní kí a lọ ṣe é wò. Ó ní kí a wá nǹkan mẹ́rin tó jọra, kí a kọ A, B, C àti D sí wọn lára, kí a dijú mú ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí a sì ṣírò ohun tí a bá rí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní Bánigbé, a jókòó lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n wa, níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ekùrọ́ kò wọ́n níbẹ̀. A mú ekùrọ́ mẹ́rin, a fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí wọn lára, a kó wọn sínú ìgò agolo. Àbúrò wa kọ ìdáhùn 40 tí ó tọ̀nà sí bébà, ó sì fi í pamọ́. Èkejì wa wá ń mú ekùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá a padà, ó ń mi agolo. Nígbà tí ó parí, ó gba 9, ó ṣi 31. Àmì 27 ni ó rí, wọ́n yọ 31: ó kù díẹ̀ sí òfo pẹ̀lú àmì 4. A tún un ṣe. Ó gba 11, ó ṣi 29. 33, ẹ yọ 29, àmì 4 ni èrè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gba 10, ó ṣi 30: òfo gbáà.

Níbẹ̀ ni ó ti yé wa. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà, ọ̀kan tọ̀nà, mẹ́ta kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń mú u bí afọ́jú, nínú mẹ́rin tí ó bá mú, a máa gba ọ̀kan, a sì máa ṣi mẹ́ta. Ọ̀kan tí ó gbà fún un ní 3, mẹ́ta tí ó ṣì gba 3 náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyọkúrò yẹn kì í ṣe ìjìyà. Wọ́n gé e sí ìwọ̀n tí tẹ́tẹ́ kò fi ní mú èrè wá, kí máàkì ẹni lè dúró lórí ohun tí ó mọ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ márùn-ún, ohun tí wọn yóò yọ yóò kéré sí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò S.A.T. tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń wọ yunifásítì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìdáhùn márùn-ún, àmì 1 fún èyí tó tọ̀nà, ìdá mẹ́rin àmì kan ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe. Ọdún 2016 ni wọ́n pa òfin náà tì.

Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Ẹ ò rí i? Òfo ni tẹ́tẹ́. Ohun tí mo sọ náà nìyẹn: n kò ní fọwọ́ kan èyí tí kò bá dá mi lójú.”

Àbúrò wa ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná.” Ó yọ ekùrọ́ kan kúrò nínú agolo. Ó yọ èkejì. Ó ku méjì. Ó ní, “Tí ẹ bá mọ̀ pé méjì kò lè jẹ́ òun ńkọ́?”

A fi ìbéèrè kan láti inú ẹ̀kọ́ wa gbé e yẹ̀ wò. Ọdún wo ni Dàhòmì gba òmìnira? A, 1958. B, 1960. C, 1963. D, 1975. Ká ní ẹnìkan kò rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé 1975 ni wọ́n yí orúkọ ìlú padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà D kọ́ ni. Ó sì mọ̀ pé 1963 ni àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Maga. Ìlú ti ní láti gba òmìnira kí ó tó di ìgbà náà, nítorí náà C kọ́ ni. 1958 àti 1960 ni ó kù. Kò dá a lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe afọ́jú mọ́. Bí ó bá mú ọ̀kan nínú méjì yẹn, ní ìbéèrè méjì irú rẹ̀, yóò gba ọ̀kan, yóò ṣi ọ̀kan: 3, ẹ yọ 1, ó ku 2. Lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àmì 1 ni èrè rẹ̀. Kódà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ó lè yọ, tí mẹ́ta kù, èrè díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: nínú ìbéèrè mẹ́ta, 3, ẹ yọ 2, ó ku àmì 1.

Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ yẹ kí ó sọ nínú gbohùngbohùn, tí a ò gbọ́, kò ju gbólóhùn kan lọ: bí o kò bá lè yọ ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́rin, fi í sílẹ̀, bí o bá lè yọ ọ̀kan tàbí méjì, mú nínú èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n wa kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó rọrùn fún ẹni tí kò fìdí rẹmi rí láti sọ bẹ́ẹ̀. A dákẹ́, nítorí òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ tí ń ro epo lórí iná gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Ó bi wá pé, “Ṣé bí mo bá ra ekùrọ́ àpò méjì, tí ọ̀kan bàjẹ́, tí èkejì dára, tí èyí tó dára fún mi ní 3 tí èyí tó bàjẹ́ gba 1 lọ, ṣé n kò ní rà á?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ó padà sídìí epo rẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún kí a tó sọ bí ìdánwò ṣe lọ. Ìwé ìbéèrè lọ́tọ̀, ìwé ìdáhùn lọ́tọ̀. Lórí ìwé ìdáhùn, ihò kékeré mẹ́rin ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí a ó kun ọ̀kan. Bí èèyàn bá fi ìbéèrè 14 sílẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè, tí ó wá kun ìdáhùn 15 sí iwájú 14, gbogbo èyí tó kù ti ṣípò nìyẹn, ẹ̀rọ yóò sì kà wọ́n sí àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe àbúrò wa. Ohun tí ó gbà á là ni pé nígbà tí ó dáhùn ìbéèrè 40, nọ́ńbà 39 ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé ìdáhùn. Ìṣẹ́jú 20 ni ó fi pa á rẹ́ tí ó tún un kun. Ẹ máa wò ó ní ìbéèrè 10, 20 àti 30 bóyá nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba. Ẹ má dúró dìgbà tó bá parí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdánwò, olùkọ́ lẹ ìwé ìdáhùn mọ́ ara ògiri, ó sì jẹ́ kí a wo ìwé tiwa. Ó sọ fún wa pé òun ti tún ìbéèrè kan ṣe kí òun tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní òun a máa wo àwọn tí máàkì wọn ga jù àti àwọn tí tiwọn kéré jù, kí òun rí bí àwọn méjèèjì ṣe dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ní ìbéèrè kan, àwọn tí wọ́n mọ̀wé jù ló ṣì í jù. Irú èyí kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́. Ó padà wo ìwé ìdáhùn tirẹ̀, ó rí i pé A ni òun tẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí C ni ó tọ̀nà. Bí ẹ bá rí i pé àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀kọ́ dáadáa ni ìbéèrè kan ń bì ṣubú, ẹ sọ fún olùkọ́ tẹ̀lẹ́tẹ̀lẹ̀. Ìwé ìdáhùn náà lè ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò tiwa fún yín.

Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn ìbéèrè 20 tí ó dá a lójú. Nínú wọn, ó gba 18, ó ṣi 2. Àmì 54, ẹ yọ 2, ó ku 52. Ìbéèrè 10 wà tí ó lè yọ ìdáhùn méjì kúrò nínú wọn. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n nígbà tí òun ń kun wọn. Ó gba 5, ó ṣi 5: àmì 15, ẹ yọ 5, 10 ni èrè. Ó fi 10 tó kù sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ 62; ẹ fi 6 pín in, 10.33. Ó gba 11 nínú iṣẹ́ kíláàsì. Ìdá 60 nínú 10.33 jẹ́ 6.2, ìdá 40 nínú 11 jẹ́ 4.4. Ó parí sí 10.6. Ó yege.

Ká ní ó ṣe bí ó ti sọ fún wa ní Ìfọ̀nyìn, tí kò fọwọ́ kan èyí tí kò dá a lójú ńkọ́? 52 ni ìbá dúró sí. 52, ẹ fi 6 pín in, 8.67. Ìdá 60 rẹ̀ jẹ́ 5.2; ẹ fi 4.4 kún un, 9.6. Ràtàràpáàsì nìyẹn. Ìmọ̀ kan náà ni, orí kan náà ni, ìwé kan náà ni ó kà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kò ju bóyá ẹnìkan ṣàlàyé òfin máàkì fún un lọ.

Èkejì wa kò lè pa àṣà Jáǹbù tì. Ó mọ̀wé ju ẹ̀gbọ́n lọ: nínú 24 tí ó dá a lójú, ó gba 22, ó ṣi 2, àmì 64. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò lè fi àyè òfìfo sílẹ̀, ó kun 16 tó kù láìkà wọ́n. Ìwọ̀n tí èèyàn ń retí ni kí ó gba 4 nínú wọn, kí ó má jẹ, kí ó má gbèsè. Oríire kò bá a ṣe. 2 péré ni ó gbà, ó ṣi 14: àmì 6, ẹ yọ 14, ó pàdánù 8. Ó bọ́ sí 56, ìyẹn 9.33. Iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ tí ó jẹ́ 12 ni ó gbà á sílẹ̀: 5.6 àti 4.8, ó parí sí 10.4. Ẹni tí ó mọ̀wé ju ẹ̀gbọ́n lọ wá gba máàkì tí ó kéré sí ti ẹ̀gbọ́n. Ká ní ó fi 16 yẹn sílẹ̀ ni, 11.2 ni ìbá gbà.

Àbúrò wa gba 12 àti ẹ̀sún díẹ̀. Kò fẹ́ kí a kọ ọ́, nítorí ó ní àròkọ ni òun ṣì fẹ́ràn.

A ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Ìyọkúrò máàkì yẹn ní àléébù kan tí ìṣírò ekùrọ́ kò fi hàn. Ó dọ́gba fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tí ó ti ṣubú rí, a máa fi ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ sílẹ̀, a sì máa pàdánù máàkì tí ó jẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ wa fẹ́ mú oríire kúrò nínú ìdánwò. Ó mú un kúrò ní apá kan, ìbẹ̀rù sì gba apá kejì wọlé. A padà lọ sọ fún un. A kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí òfin náà. A bẹ̀ ẹ́ pé ní sáà tó ń bọ̀, kí ó kọ ìkéde náà sí bébà, kí ó sì fi àpẹẹrẹ mẹ́ta sí i: ẹni tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́, àti ẹni tí ó yọ méjì kí ó tó mú ọ̀kan, kí ó fún wa ní ìbéèrè 10 fi dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ọmọ yín bá wá sílé wí pé wọ́n yí ìdánwò padà, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé. Ẹ bi í pé: mélòó ni wọ́n ń fún èyí tó tọ̀nà, mélòó ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe, ìdáhùn mélòó ni wọ́n ń tò, kí ni ìdá iṣẹ́ kíláàsì? Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ìkéde náà kò tíì dé etí rẹ̀. Ẹ rán an padà lọ béèrè.

Ìyá ẹ̀gbọ́n wa kí gbogbo yín. Ó ní epo tuntun ti dé, àwọn tí ń gba Ìgòlò kọjá kí wọ́n yà kí òun.